Ìfarahàn 18,400, ìtẹ̀ 92: kí ló ń ṣe ojú-ewé gàrí mi nínú Search Console?

GàríÒkèÀjẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ojú-ewé tí mo fi ń ta gàrí Ìjẹ̀bú, /gari-ijebu/, ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Láàárín oṣù mẹ́ta, Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń sọ bí sáìtì ṣe ń hàn nínú èsì àwárí, ní ó farahàn ní ìgbà 18,400, ṣùgbọ́n ìgbà 92 péré ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. CTR rẹ̀, ìyẹn ìdá ìtẹ̀ nínú ìfarahàn, jẹ́ 0.5%, ipò rẹ̀ nínú èsì àwárí 16.7. Kò sí ojú-ewé mìíràn lórí sáìtì mi tí ìfarahàn rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí CTR rẹ̀ kéré tó o. Kí ló ń ṣe é? Ṣé àkọlé rẹ̀ ni kí n yí padà?

ỌmọṢàgámù

Àkọlé ni, mà. CTR tó bá ti wà lábẹ́ 2%, àkọlé kò fa àwọn èèyàn mọ́ra nìyẹn. Ẹ kọ iye owó sí i, ẹ kọ ọdún tí a wà yìí sí i, kí ẹ wá lọ sí URL Inspection kí ẹ tẹ Request Indexing. Ìtẹ̀ á gbéra.

BàbáÀwárí

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ owó tí o sọ yẹn máa wúlò, a ó padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n 2% tí o dárúkọ yẹn kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún gbogbo ojú-ewé. Ojú-ewé tó wà ní ipò kìíní tí CTR rẹ̀ jẹ́ 2% ní ìṣòro. Èyí tó wà ní ipò 15 tó rí 2% ń ṣe dáadáa. Bí a kò bá mọ ipò, CTR kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ìyá gàrí, ẹ má tíì fọwọ́ kan àkọlé yẹn. 16.7 tí ẹ rí jẹ́ ìpíndọ́gba, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àwárí tí kò jọra ni wọ́n dà pọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u ká. Ẹ ṣí Performance, ẹ wọ Search results, ẹ yan oṣù mẹ́ta. Àpótí mẹ́rin ló wà lókè àwòrán ìlà yẹn. Méjì nìkan ló sábà ń tàn fúnra wọn, nítorí náà ẹ tẹ Average CTR àti Average position kí àwọn náà lè tàn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí tábìlì, ẹ tẹ Pages, ẹ wá tẹ /gari-ijebu/ fúnra rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó ti gun òkè lọ gẹ́gẹ́ bí àsẹ́. Láìyọ ọ́ kúrò, ẹ tẹ Queries, kí ẹ to tábìlì náà láti orí Impressions tó pọ̀ jù. Ẹ fún wa ní mẹ́rin àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìtẹ̀, ìfarahàn àti ipò wọn.

GàríÒkèÀjẹ

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo rí wọn:

"ijebu garri": ìfarahàn 6,200, ìtẹ̀ 31, ipò 8.9
"garri": ìfarahàn 5,400, ìtẹ̀ 0, ipò 31
"price of ijebu garri": ìfarahàn 2,100, ìtẹ̀ 38, ipò 5.2
"yellow garri": ìfarahàn 1,900, ìtẹ̀ 1, ipò 24

Àwọn kéékèèké tó kù wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo ro gbogbo wọn pọ̀, wọ́n jẹ́ ìfarahàn 1,150 àti ìtẹ̀ 9.

BàbáÀwárí

Ìdí tó fi yẹ ká tú u ká nìyẹn. Ẹ wo "garri". Ipò 31 túmọ̀ sí pé ojú-ìwé kẹrin èsì àwárí ni ẹ wà, nítorí èsì bíi mẹ́wàá ló máa ń wà lójú-ìwé kan. Google máa ń ka ìfarahàn bí èsì yín bá ti wà lórí ojú-ìwé èsì tí ẹni náà ṣí, ì báà jẹ́ pé kò yí ojú-ìwé náà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó dé ojú-ìwé kẹrin kò pọ̀, ẹni tó sì débẹ̀ tí kò tẹ̀ yín, kì í ṣe àkọlé yín ló lé e sá. Ẹni tó kọ "garri" lásán sì lè máa wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tàbí ohun tó ń ṣe lára, tàbí kó jẹ́ ọmọ iléèwé ló ń wá ìtumọ̀ rẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú kọ́ ló ń wá ní pàtó.

"Yellow garri" ṣe kedere ju ìyẹn lọ. Gàrí tí wọ́n fi epo pupa sí lẹni yẹn fẹ́, funfun tó kan ni tiyín. Kò sí àkọlé tó lè sọ ọ́ di oníbàárà yín, kò sì yẹ kí ẹ wá a.

Ọ̀rọ̀ àwárí méjèèjì yìí kó ìfarahàn 7,300 nínú 18,400, ó sún mọ́ 40%, wọ́n sì mú ìtẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo wá. Àwọn ló wọ́ CTR yín wálẹ̀, àwọn náà ló sì ti ipò yín lọ sí 16.7. Ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó dájọ́. Lókè, ẹ tẹ Add filter, ẹ yan Query, ẹ yan Custom (regex), kí ẹ sì yí Matches regex sí Doesn't match regex. Ohun tí ẹ máa kọ síbẹ̀ nìyí:

```
^(garri|yellow garri)$
```

Àmì ^ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti $ ní ìparí ni kì í jẹ́ kó yọ "ijebu garri" mọ́ wọn. Bí ẹ bá gbàgbé wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí garri wà nínú rẹ̀ máa lọ, tábìlì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

GàríÒkèÀjẹ

Mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan kò yé mi, sà. 18,400, ẹ yọ 7,300 kúrò, ó yẹ kó ku 11,100. Search Console ní 9,450 ló kù, ìtẹ̀ 78. Níbo ni 1,650 yẹn wọlé sí?

AtẹwéÌpẹru

Kò sọnù, mà. Àwọn ọ̀rọ̀ àwárí tí èèyàn díẹ̀ péré ń kọ, Google máa ń fi wọ́n pamọ́ kí àṣírí ẹni tó kọ wọ́n má bàa tú. Wọ́n wà nínú àròpọ̀ tó wà lókè, ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí wọn nínú tábìlì. Ní kété tí ẹ bá fi àsẹ́ Query kan sí i, irú àsẹ́ yòówù kó jẹ́, wọ́n á jáde kúrò nínú àròpọ̀ pẹ̀lú. Ẹ lè fi ohun tí ẹ fún wa dán an wò: mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ 15,600, àwọn kéékèèké jẹ́ 1,150, àpapọ̀ wọn jẹ́ 16,750. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 18,400, 1,650 ló kù. Bákan náà ni ìtẹ̀ 13 wà lọ́dọ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ má fi àròpọ̀ tí ẹ rí kí ẹ tó fi àsẹ́ sí i wé èyí tí ẹ rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á rò pé ìfarahàn òun ti já.

ÌròyìnÒde

Ẹ̀yin àgbà, irú rẹ̀ ló ń ṣe èmi náà. Sáìtì ìròyìn ni tèmi, ojú-ewé Ojúde Ọba ló ń fún wa lówó. Ìfarahàn wa já wálẹ̀ gan-an láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ipò sì tún ń dára sí i. Ṣé àkọlé ni kí èmi náà yí?

AtẹwéÌpẹru

Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ìfarahàn tó pọ̀ tí ìtẹ̀ rẹ̀ kéré ni ìyá gàrí ń bi wá, ìfarahàn tó já ni tiyín. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 yẹn, Google dá ọ̀nà kan dúró tí èèyàn fi lè ní kó gbé èsì 100 jáde lójú-ìwé kan ṣoṣo. Àwọn irinṣẹ́ tó ń yẹ ipò sáìtì wò ló ń lò ó jù, wọ́n sì ń fi í dá ìfarahàn sílẹ̀ fún àwọn èsì tó wà jìnnà nísàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà yẹn pa, ìfarahàn àwọn ipò jíjìn dínkù lórí ọ̀pọ̀ sáìtì, ìpíndọ́gba ipò sì gòkè. Ẹ wo ìtẹ̀ yín. Bí ìtẹ̀ kò bá já, òǹkàwé yín kò lọ síbì kankan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ló máa ń bọ́ sí, kò dúró sójú kan nínú kàlẹ́ńdà. 18 oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe é ní 2024, 8 oṣù kẹfà ni ní 2025. Bí ẹ bá fi oṣù kẹfà ọdún kan wé oṣù kẹfà ọdún kejì nínú Compare, ọjọ́ tí èrò ń wá a jù kò ní bá ara mu. Custom ni kí ẹ lò, kí ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ọdún àti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan.

ÌròyìnÒde

Mo wò ó. Ìtẹ̀ kò yí padà rárá. Ẹ ṣé, ọkàn mi ti balẹ̀.

BàbáÀwárí

Ẹ jẹ́ ká padà sí gàrí. Ọ̀rọ̀ àwárí méjì tó yẹ fún iṣẹ́ ló kù, ohun tó ń ṣe wọ́n kò sì jọra. Ẹ yọ àsẹ́ regex yẹn, ẹ fi ti Pages sílẹ̀. Ẹ tẹ "ijebu garri", ẹ lọ sí Countries. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ "price of ijebu garri", ẹ lọ sí Devices. Ẹ tún sọ fún wa ibi tí ẹ ń kó ọjà lọ, àti àkọlé tó wà lórí ojú-ewé náà lọ́wọ́lọ́wọ́.

GàríÒkèÀjẹ

"ijebu garri": Nàìjíríà, ìfarahàn 3,900, ìtẹ̀ 27, ipò 7.4. Àwọn orílẹ̀-èdè tó kù lápapọ̀, ìfarahàn 2,300, ìtẹ̀ 4, ipò 11.4. Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn.

"price of ijebu garri": fóònù, ìfarahàn 1,750, ìtẹ̀ 36, ipò 4.6. Kọ̀ǹpútà, ìfarahàn 350, ìtẹ̀ 2, ipò 8.2.

Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó nìkan la ń kó o lọ. Àkọlé ni "Products – Ile Itaja Wa – Gari". Iye owó kò sí lórí ojú-ewé. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n pè wá, nítorí owó ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí a bá lọ ọjà.

BàbáÀwárí

Ó ti yé mi wàyí. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú ni "price of ijebu garri", nítorí òun ló súnmọ́ owó jù. Lórí fóònù ẹ wà ní ipò 4.6. Èsì yín wà lójú-ìwé àkọ́kọ́, ojú ẹni tó ń wá iye owó sì dé ibẹ̀. Ìtẹ̀ 36 nínú 1,750 jẹ́ 2.1%. Ẹ fi ara yín sípò ẹni yẹn: ó kọ "price", ó wo èsì márùn-ún, ó rí "Products – Ile Itaja Wa – Gari" láàárín wọn. Kò sí Ìjẹ̀bú níbẹ̀, kò sí owó. Ó kọjá lọ. Níbi tí ipò bá ti dára bẹ́ẹ̀ tí ìtẹ̀ sì kéré, àkọlé àti àlàyé kékeré abẹ́ rẹ̀ ni èèyàn ń kọ́kọ́ fura sí.

Ṣùgbọ́n ojú-ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe àkọlé. Ẹ gbé iye owó kóńgò kan, ti kílò márùn-ún àti ti àpò sórí rẹ̀, lókè níbi tí ojú á ti tètè rí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ yí i kẹ́yìn. Bí àkọlé bá ṣèlérí owó tí ẹni náà wọlé tó bá "ẹ pè wá", ó máa padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Ìtẹ̀ máa pọ̀ lóòótọ́, ọjà kò ní tà.

Nípa ìmọ̀ràn ỌmọṢàgámù, ó tọ́ dé ààbọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sínú àkọlé, ẹ má fi iye náà gan-an sí i. Ó lè pẹ́ kí Google tó padà wá ka ojú-ewé yín, iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá á ṣì máa hàn lójú èsì nígbà tí ẹ ti yí i lórí sáìtì. Irú èyí máa ṣiṣẹ́:

```
<title>Ijebu Garri Price: Kongo, 5 kg and Full Bag</title>
```

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá ni kó ṣáájú, nítorí lórí fóònù wọ́n máa ń gé ìparí àkọlé tó bá gùn. Orúkọ ilé ìtajà lè wà lẹ́yìn, tàbí kó má sí rárá. Ẹ tún kọ meta description, ìyẹn àlàyé kékeré abẹ́ àkọlé, tó sọ ibi tí ẹ ń kó o lọ, ẹ dárúkọ Ogun àti Lagos níbẹ̀. Google kì í fi dandan lò ó, ó lè yan gbólóhùn mìíràn láti inú ojú-ewé, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ojú-ewé pẹ̀lú.

ObìRẹ́mọ

Ẹ dákun, ẹ bá mi wo tèmi náà. Obì ni mò ń tà láti Ṣàgámù, àbàtà àti gbànja. Ìfarahàn ojú-ewé mi pọ̀ ju ti ìyá gàrí lọ, "obi" lásán ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Ìtẹ̀ kò sí. Mo ti yí àkọlé lẹ́ẹ̀mẹta.

BàbáÀwárí

Ẹ má yí i nígbà kẹrin. Àwọn èèyàn kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan, nítorí náà "obi" tí wọ́n kọ lè jẹ́ orúkọ èèyàn, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá lédè mìíràn. Ẹ ṣí Google, ẹ kọ "obi" síbẹ̀, kí ẹ wo irú èsì tó kún ojú-ìwé. Bí kò bá sí ẹyọ kan tó ń sọ̀rọ̀ obì tí à ń jẹ, àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe oníbàárà yín. Ẹ fi regex yọ ọ́, kí ẹ wo ohun tí "kola nut", "obi abata" àti "gbanja" ń ṣe fún yín ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

ObìRẹ́mọ

"obi abata" wà ní ipò 3.1, CTR 9%. Ẹ̀yìn "obi" ló sá pamọ́ sí látìgbà yìí.

BàbáÀwárí

Ojú-ewé yín kò ní àrùn nìyẹn. Ẹ dá àkọlé tó wà nígbà tí ẹ rí 9% yẹn dúró síbẹ̀.

AtẹwéÌpẹru

Ìyá gàrí, "ijebu garri" kò gbọdọ̀ gba irú ìtọ́jú kan náà. Àwọn 2,300 tó wà lókè òkun, ẹ kì í kó ọjà lọ síbẹ̀, ẹ má kà wọ́n sí àdánù. Ti Nàìjíríà ló kàn yín: 27 nínú 3,900 jẹ́ 0.7%, ní ipò 7.4. Ìsàlẹ̀ ojú-ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ bí èyí, àwòrán àti fídíò sì tún lè gba ààyè lókè kí ojú tó dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí ipò kò sọ bí èsì ṣe jìnnà tó lójú fóònù. Àkọlé nìkan kò lè tú ìyẹn sílẹ̀, ipò gan-an ló gbọ́dọ̀ gòkè.

Mo fẹ́ kí ẹ wo nǹkan kan. Ẹ yọ àsẹ́ Page kúrò, ẹ fi Query "ijebu garri" nìkan sílẹ̀, kí ẹ tẹ Pages. Ṣé /gari-ijebu/ nìkan lẹ rí níbẹ̀?

GàríÒkèÀjẹ

Rárá o. Ojú-ewé àkọ́kọ́ sáìtì náà wà níbẹ̀: ìfarahàn 2,700, ìtẹ̀ 40, ipò 6.1. Ó ju ti gàrí gan-an lọ!

AtẹwéÌpẹru

Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Ojú-ewé méjì yín ló ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan. Lójú tèmi, ẹ yọ "Ijebu garri" kúrò nínú àkọlé ojú-ewé àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìjápọ̀ tó ṣe kedere ti èrò láti ibẹ̀ lọ sí /gari-ijebu/, kí Google lè mọ èyí tí ẹ fẹ́.

BàbáÀwárí

Mi ò fara mọ́ èyí, ọ̀gbẹ́ni Ìpẹru. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ń rí 1.5% ní ipò 6.1, òun ló ń mú iṣẹ́ wá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí rẹ̀, ó lè já kí /gari-ijebu/ tó gòkè, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èkejì á gba ipò rẹ̀. Ìjápọ̀ yẹn dára, kó ṣe é. Àkọlé ojú-ewé àkọ́kọ́, kó fi í sílẹ̀. Kí /gari-ijebu/ mú ọ̀rọ̀ iye owó, kí ojú-ewé àkọ́kọ́ mú "ijebu garri" gbogbogbòò.

AtẹwéÌpẹru

Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣì gbà pé ojú-ewé ọjà ló yẹ kí ẹni tó ń wá ọjà bá pàdé, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ yí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí a kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Kó kọ́kọ́ ṣe ti owó.

ỌmọṢàgámù

Bí èèyàn bá ní ojú-ewé 300 ńkọ́? Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa tẹ̀ wọ́n wò báyìí?

AtẹwéÌpẹru

Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí tábìlì Pages, àmì àsẹ́ kékeré kan wà lápá ọ̀tún. Tẹ̀ ẹ́, o lè ní kí Impressions ju 500 lọ, kí Position kéré sí 10. Àwọn tó bá ṣẹ́kù ni kí o to láti orí CTR tó kéré jù. Àsẹ́ yẹn ń fi àwọn ìlà tábìlì pamọ́ ni, kò yí àròpọ̀ òkè padà.

Bí o bá tẹ Export tí o gbé e lọ sí Google Sheets, dúró sí abala Pages kí o kọ èyí sí G2:

```
=FILTER(A2:E, C2:C>=500, E2:E<=10, D2:D<0.02)
```

B ni ìtẹ̀, C ìfarahàn, D CTR, E ipò. 500 àti 0.02 yẹn kì í ṣe òfin. Sáìtì kékeré lè sọ ọ́ di 100. Kí o sì mọ̀ pé ìlà 1,000 ni Export ń gbà mọ, ojú-ewé tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kò ní sí nínú rẹ̀.

Àléébù kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí o fi sọ́kàn: ojú-ewé bíi ti ìyá gàrí, tí ìpíndọ́gba ipò rẹ̀ jẹ́ 16.7, kò ní wọ inú àsẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tó níyelórí jù wà ní ipò 5.2 nínú rẹ̀. Nítorí náà, tún ṣe irú àsẹ́ kan náà lórí Queries. Ọ̀nà méjèèjì ló máa ń mú ohun tí ọ̀kan nínú wọn bá fò.

GàríÒkèÀjẹ

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o. Mo ti gbé iye owó sórí ojú-ewé, mo ti yí àkọlé bí bàbá ṣe kọ ọ́, mo sì ti tẹ Request Indexing. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí mo wo Google, "Our Products: Gari" ló gbé síbẹ̀, kì í ṣe àkọlé tí mo kọ. Níbo ló ti rí i?

BàbáÀwárí

Ẹ kọ́kọ́ ṣí URL Inspection, ẹ wo ọjọ́ tó wà níwájú Last crawl. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyípadà yín, Google kò tíì ka tuntun, ẹ máa retí rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Google ló yan àkọlé mìíràn fúnra rẹ̀. Ó lè mú un láti inú ọ̀rọ̀ ńlá orí ojú-ewé, ìyẹn H1, tàbí láti inú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ṣe ìjápọ̀ lọ síbẹ̀. Kí ni H1 yín?

GàríÒkèÀjẹ

Lẹ́yìn àyípadà ni Last crawl. H1 ni "Our Products: Gari". Mi ò rántí yí i padà.

BàbáÀwárí

Òun ni. Ẹ jẹ́ kí H1 àti àkọlé sọ ohun kan náà, kò pọn dandan kí wọ́n bára mu ní lẹ́tà sí lẹ́tà. "Ijebu Garri Price Today" tó fún H1. Ẹ tún tẹ Request Indexing lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kò mú un yára.

Ọjọ́ tí àkọlé tuntun bá hàn lójú èsì ni kí ẹ kọ sílẹ̀, òun ni ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà yín. Ẹ ka ọjọ́ 28 láti ibẹ̀, ẹ fi wé ọjọ́ 28 tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, pẹ̀lú àsẹ́ Page àti Query "price of ijebu garri", fóònù nìkan. Ẹ má ka ọjọ́ méjì mẹ́ta tó kẹ́yìn, wọn kì í tíì pé.

Ẹ wo ipò kí ẹ tó wo CTR. Bí ipò bá kúrò ní 4.6 tó di 3, CTR máa gòkè láìsí ọwọ́ àkọlé níbẹ̀. Bí ipò bá dúró síbi tó wà tí CTR gòkè, a lè sọ̀rọ̀ àkọlé àti owó nígbà náà. Òǹkà yín sì kéré: lórí fóònù, ìtẹ̀ 36 ní oṣù mẹ́ta jẹ́ bíi 11 ní ọjọ́ 28. Bí ẹ bá rí 14, ọjà lè kàn yá lọ́sẹ̀ kan ni. Bí ó bá tó 22 tí ìfarahàn àti ipò kò sì yí, mo máa gbà pé ó ti ṣiṣẹ́.

ỌmọṢàgámù

Bí ó bá jẹ́ 16 tàbí 17 ńkọ́, bàbá?

BàbáÀwárí

Kó tún ka ọjọ́ 28 mìíràn kó tó sọ nǹkan kan, kó má sì fọwọ́ kan àkọlé láàárín rẹ̀.

GàríÒkèÀjẹ

Mo ti yí H1. Mo fi àkọlé ojú-ewé àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ìjápọ̀ nìkan ni mo fi kún un. Lọ́jọ́ tí mo bá rí àkọlé tuntun lójú èsì, màá kọ ọjọ́ náà síbí, màá sì gbé òǹkà 28 méjèèjì wá. Ọ̀gbẹ́ni Ìpẹru, lẹ́yìn ìyẹn la ó dán tiyín wò lórí "ijebu garri".